Owó Apple Já Láti 499 sí 129, Kò Sì Sẹ́ni Tó Pàdánù

Lọ́jọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti ọjà ní Niú Yọ́ọ̀kì, 499.23 dọ́là ni ṣíà kan ilé-iṣẹ́ Apple. Nígbà tí ọjà tún fi máa parí lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, 129.04 dọ́là ni wọ́n kọ síwájú orúkọ kan náà. Ẹni tó bá to nọ́ńbà méjèèjì tira wọn yóò sọ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà ti wọmi láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ṣe ni owó gbogbo ẹni tó ní ṣíà Apple lé sí i lọ́jọ́ Ajé yẹn.

Apple ló pín ṣíà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Ẹni tó ní mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì bá ogójì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ilé-iṣẹ́ ò kéré sí i, ìdá tí olúkúlùkù ní nínú rẹ̀ ò sì yí padà. Wọ́n kàn gé e sí wẹ́wẹ́ ni, kí ẹni tí owó rẹ̀ ò tó 500 dọ́là lè rí ọ̀kan rà. Bí a bá pín 499.23 sí mẹ́rin, 124.81 ló máa jẹ́. Láti 124.81 dé 129.04, owó náà gòkè ní ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta gàrí. Ó ti ń kọ iye tó ń tà á sínú ìwé láti ọdún tó kọjá, kóńgò ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kan ó jù kóńgò sílẹ̀, ó mú agolo kékeré, ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ láì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣùwọ̀n ti yí padà. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà yóò rò pé gàrí dọ̀pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìwé náà ò parọ́ lórí iye owó kankan tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ènìyàn ń kà jáde nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Àwọn tó ń fi ṣáàtì ra ṣíà, tí wọ́n fi ń tà á, kì í sábà wo iye owó nìkan. Wọ́n máa ń fi iye owó àtẹ̀yìnwá ṣe ìṣirò, èsì ìṣirò yẹn ni wọ́n ń pè ní atọ́ka. Èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni ìpíndọ́gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ gbé ti ọjọ́ márùn-ún yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun 25 oṣù Kẹjọ títí dé ọjọ́ Ajé 31, bí ṣíà Apple ṣe parí rèé: 499.30, 506.09, 500.04, 499.23, lẹ́yìn náà 129.04. Àròpọ̀ wọn tí a pín sí márùn-ún fún wa ní 426.74. Ẹ̀rọ tó ń wo ìyẹn yóò sọ pé owó òní ti já jìnnà sábẹ́ ìpíndọ́gba rẹ̀, pé kí onítọ̀hún tètè tà. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ pín owó ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ sí mẹ́rin-mẹ́rin, ìpíndọ́gba di 126.04, owó òní sì wà lókè rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún kan náà, ìṣirò kan náà, èsì ta ko èsì.

Ìpíndọ́gba ọjọ́ márùn-ún tiẹ̀ sàn, nítorí pé tí iye owó àtijọ́ bá ti kúrò nínú ọjọ́ márùn-ún tó ń kà, ara rẹ̀ á yá. Ti 200 ọjọ́ máa ń gbé àṣìṣe náà kiri fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, torí pé ọjọ́ tí ọjà ṣí nìkan ni wọ́n ń kà. Èyí tó burú jù ni atọ́ka tí kì í gbàgbé pátápátá. Irú rẹ̀ ni RSI, tí Welles Wilder, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1978. RSI ń fi ìpíndọ́gba iye tí owó fi ń gòkè wé ìpíndọ́gba iye tó fi ń já, 14 sì ni iye ọjọ́ tí wọ́n sábà máa ń fún un. Lójú rẹ̀, Apple já ní 370.19 dọ́là lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rìnlá rẹ̀, ìyẹn 26.44 dọ́là, wọ inú ìpíndọ́gba ìjákulẹ̀. Láti ọjọ́ kejì lọ, ìdá kan nínú mẹ́rìnlá ohun tó kù ló ń yọ kúrò lójoojúmọ́. Lẹ́yìn 50 ọjọ́ ọjà, èyí tó jẹ́ oṣù méjì lé díẹ̀, nǹkan bí sẹ́ńtì 65 ṣì kù níbẹ̀. Fún ṣíà tí owó rẹ̀ kì í sábà yí ju dọ́là mélòó kan lọ lóòjọ́, sẹ́ńtì 65 kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tó bá ń wo ṣáàtì rẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá ò ní rí ihò ńlá kankan nítòsí, síbẹ̀ RSI rẹ̀ ṣì ń sọ fún un pé ṣíà náà ò lágbára tó bó ṣe yẹ.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a mú gbogbo iye owó tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n pín ṣíà, kí a pín wọn sí mẹ́rin: owó ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, èyí tó ga jù, èyí tó kéré jù àti ti ìparí. Ohun tí àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé ni iye ṣíà tí wọ́n tà lójúmọ́: ìyẹn ni a ó sọ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí a kò bá ṣe é, yóò dà bíi pé èrò ya bo ọjà lójijì. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti pín ṣíà léraléra, a ó sọ wọn di púpọ̀ lára wọn. Apple ti pín tirẹ̀ sí méjì ní 1987, ní 2000 àti ní 2005, sí méje ní 2014, kó tó wá pín in sí mẹ́rin ní 2020. Ìlọ́po gbogbo rẹ̀ jẹ́ 224. Ìdí nìyí tí ṣíà tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún aráàlú ní dọ́là 22 nínú oṣù Kejìlá 1980 fi ń hàn lórí ṣáàtì òde òní bí ohun tí kò ju sẹ́ńtì mẹ́wàá lọ.

Àwọn tó ní ṣíà ní Nàìjíríà mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn bónọ́ọ̀sì. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fúnni ní ṣíà ọ̀fẹ́ kan lórí márùn-ún, márùn-ún ti di mẹ́fà nìyẹn. Ẹ sọ owó àtijọ́ di ìlọ́po márùn-ún, kí ẹ sì pín in sí mẹ́fà.

Owó èrè tí ilé-iṣẹ́ ń san fún àwọn tó ní ṣíà ló gba sùúrù díẹ̀ sí i. Ọjọ́ kan máa ń wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ra ṣíà láti ọjọ́ náà lọ kò ní rí èrè tó ń bọ̀ gbà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, owó ṣíà máa ń fi nǹkan bí iye èrè náà wálẹ̀, nítorí ta ni yóò san owó ohun tí kò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́? Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2004, Microsoft pín èrè àkànṣe dọ́là mẹ́ta lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sẹ́ńtì mẹ́jọ tó ti máa ń san tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì 12, ṣíà náà parí ní 29.97 dọ́là. Lọ́jọ́ Ajé 15, tí èrè kúrò lára rẹ̀, ó parí ní 27.39. Ṣáàtì tí a kò tún ṣe yóò sọ pé ó já ní ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ẹni tó ní ṣíà náà ti ní 3.08 dọ́là tó ń bọ̀ lápò.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Wọ́n á fi èrè náà wé owó ìparí ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á sì yọ ìdá yẹn kúrò nínú ọ̀kan:

```
1 - 3.08 / 29.97 = 0.8972
```

Gbogbo iye owó tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn ni wọ́n á sọ di ìlọ́po 0.8972. Nígbà náà, 29.97 di 26.89, tí 27.39 bá sì tẹ̀ lé e, a ó rí i pé Microsoft gòkè ní ìdá 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn yọ 3.08 kúrò nínú gbogbo owó àtijọ́. Ẹ wo ọdún 1986, nígbà tí Microsoft kọ́kọ́ ta ṣíà fún aráàlú ní dọ́là 21. Tí a bá ti ṣírò gbogbo pípín tó ti ṣe láti ìgbà náà, èyí tó jẹ́ ìlọ́po 288, sẹ́ńtì méje péré ni dọ́là 21 yẹn. Bí a bá yọ dọ́là mẹ́ta lé kúrò nínú sẹ́ńtì méje, owó ṣíà yóò di gbèsè. Ìdá ló ń jẹ́ kí ìgòkè àti ìjábọ̀ ìgbà àtijọ́ dúró bí wọ́n ṣe wà.

Fún sẹ́ńtì mélòó kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń san lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, atọ́ka ọjọ́ kúkúrú ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ní Èkó ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń kó èrè ọdún jọ san lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ihò tó ń dá sílẹ̀ lórí ṣáàtì sì máa ń hàn kedere.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ojú ìwé tí wọ́n ti ń kó iye owó. Lórí Yahoo Finance, ohun tó wà lábẹ́ `Close` ni owó tí wọ́n ti tún ṣe fún pípín ṣíà, tí wọn ò tíì tún ṣe fún èrè. `Adj Close` ni wọ́n ti tún ṣe fún méjèèjì. Ẹni tí kò mọ̀, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín `Close` sí mẹ́rin, ti pín in lẹ́ẹ̀mejì. Àmì rẹ̀ ni pé ihò á dojú dé: Apple á fò láti 31 lọ sí 129 lóru ọjọ́ kan. Ẹlòmíràn á mú `Adj Close`, á sì fi `High` àti `Low` tí wọn ò tún ṣe fún èrè sílẹ̀. Nígbà náà ni a ó rí ọjọ́ tí owó ìparí kéré sí owó tó kéré jù lọ lọ́jọ́ náà, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láyé. Bí owó kan bá sì já sí ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin gééré láàárín òru, tí ọjà yòókù ò mì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n pín ṣíà náà.

Owó tí a tún ṣe náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní gbogbo ìgbà tí èrè tuntun bá jáde, gbogbo owó àtijọ́ tún yí padà, nítorí náà èyí tí a kó sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò ṣeé so mọ́ èyí tí a kó lónìí. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń tọ́jú owó gidi pẹ̀lú ọjọ́ àti iye pípín àti èrè lọ́tọ̀, wọ́n á sì ṣe ìṣirò nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Wọ́n tún nílò owó gidi yẹn fún irú ìbéèrè mìíràn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ dán ìlànà kan wò tó ní kí a má ra ṣíà tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là márùn-ún, ṣáàtì tí a ti tún ṣe yóò ní kó yẹra fún Apple ní ọdún 1980, nítorí sẹ́ńtì mẹ́wàá ló rí níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé dọ́là 22 ni ẹni tó rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ní iye tí wọ́n dá lé e san.