Omi Mélòó Ló Ń Sọ Amọ̀ Di Ẹrẹ̀?

Amọ̀ tó le koránkorán lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn a máa rọ̀ tó ṣeé mọ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi púpọ̀ a sì sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Albert Atterberg, onímọ̀ kẹ́míkà ará Swídìn, ló fi ìdánwò pààlà sáàárín àwọn ipò wọ̀nyí ní 1911. Ààlà méjì nínú wọn ni àwọn ẹnjiníà ọ̀nà àti ilé ń lò jù: ààlà ìṣàn (LL) àti ààlà ìmọ (PL).

Erùpẹ̀ kúnná tó bá gba inú asẹ́ olójú mìlímítà 0.425 kọjá nìkan ni wọ́n ń dán wò. Wọ́n á pò ó mọ́ omi dáadáa, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ago idẹ tí Arthur Casagrande ṣètò rẹ̀ ní 1932, wọ́n á sì fa ojú ilà kan láàárín rẹ̀. Ago náà á máa jábọ́ láti gíga mìlímítà 10, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí ojú ilà yóò fi pàdé níwọ̀n mìlímítà 13. Ìwọ̀n omi tó mú kó pàdé ní ìjábọ́ 25 gan-an ni ààlà ìṣàn.

Ó ṣòro kó bọ́ sí 25 gẹ́lẹ́, nítorí náà wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan pẹ̀lú omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní erùpẹ̀ pupa kan pàdé ní ìjábọ́ 34 nígbà tí omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n erùpẹ̀ gbígbẹ, ní 27 nígbà tó jẹ́ 42.5, àti ní 20 nígbà tó jẹ́ 44.5. Bí a bá fa ìlà gba àárín wọn lórí pépà tó yẹ, 43 ni yóò bọ́ sí ní ìjábọ́ 25.

Fún ààlà ìmọ, ọwọ́ ni ẹ̀rọ. Wọ́n á yí amọ̀ náà lórí dígí títí yóò fi dà bí okùn tó nípọn tó mìlímítà 3. Bí kò bá já, wọ́n á pa á pọ̀, wọ́n á tún un yí, ọwọ́ á sì máa fa omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá fọ́ wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n yẹn gan-an ni wọ́n á wọn omi rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 21. Ọwọ́ ẹni tó ń yí i lè mú kí èsì yàtọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ka ìwé èsì rántí èyí.

PI = LL − PL

43 yọ 21 kù 22. Ìyẹn ni fífẹ̀ àyè omi tí amọ̀ náà fi ń rọ̀ láìṣàn. Òfin iṣẹ́ ọ̀nà Nàìjíríà kò gbà ju 12 lọ fún ìpele tó wà lábẹ́ òkúta ọ̀nà, nítorí náà erùpẹ̀ yìí kò lè bọ́ síbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ṣì lè wúlò bí ìdánwò agbára ilẹ̀ bá gbè é, torí PI kì í wọn agbára. Lábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, PI ńlá ń kìlọ̀ pé ilẹ̀ lè wú nígbà òjò kó sì sún kì lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, kí ògiri máa là.

Ṣùgbọ́n èròjà kúnná nìkan ni 22 yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìdá 35 péré nínú ọgọ́rùn-ún erùpẹ̀ náà bá gba asẹ́ kọjá, tí ìyókù jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, àwọn ajọ̀wọ́kọ́lé Britain á sọ 22 di ìlọ́po 0.35, ìyẹn bíi 8, kí wọ́n tó sọ bí ilẹ̀ ṣe lè sún kì tó.

Ewu tó farasin jù lọ fún ilẹ̀ pupa ilẹ̀ olóoru ni gbígbẹ ẹ nínú ààrò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ooru ìwọ̀n 105 máa ń so àwọn èérún kéékèèké pọ̀ di ńlá, PI á wálẹ̀, ilẹ̀ tí kò dára á sì dà bí ẹni pé ó dára. Ó sàn kí wọ́n lo erùpẹ̀ bó ṣe ti inú ilẹ̀ jáde, tàbí kí wọ́n sá a síta kó fẹ́, kí wọ́n fi ààrò sílẹ̀ fún wíwọn omi lẹ́yìn ìdánwò. Bí èsì tí wọ́n ṣe láìgbẹ ẹ bá ju ti ààrò lọ dáadáa, èyí tí a kò gbẹ ni kí wọ́n fi ṣe ìpinnu.