Kọ́bọ̀ Méjì Inú Ìwé Owó: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Ìdá

Ìfáàrà

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ìdí tí àròpọ̀ inú ìwé owó tí kọ̀ǹpútà kọ fi máa ń yàtọ̀ ní kọ́bọ̀ kan tàbí méjì sí èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣírò. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé kí ni kọ́bọ̀ méjì jẹ́. Lóòótọ́, kò sí ẹni tí í ná kọ́bọ̀ ní ọjà Máìlì 12 mọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a gba báńkì san ṣì ń ka kọ́bọ̀, akáǹtáǹtì tí ó bá sì rí i pé ìsàlẹ̀ ìwé kò bá òkè rẹ̀ mu kì í fẹ́ fọwọ́ sí i.

Mo rí irú rẹ̀ ní ilé ìtajà kan ní Ìkòsí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀rá tí àwọn oníṣòwò fi ń di ẹrù. Oníbàárà kan dá ìwé owó padà, ó ní kọ́bọ̀ méjì lé nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ń kọ ìwé náà ni ọ̀gá kọ́kọ́ fura sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò ṣe ju pé ó tẹ ìwọ̀n ọjà sínú ẹ̀rọ lọ. Ètò kan tí wọ́n fi JavaScript kọ ni ó ṣe gbogbo ìṣirò yòókù.

Ìwé owó náà

Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń ta ọ̀rá, nítorí náà owó rẹ̀ kì í sábà jẹ́ odindi ọgọ́rùn-ún. Ìlà mẹ́ta ni ó wà nínú ìwé náà: ₦1,237, ₦2,319 àti ₦2,689. Àròpọ̀ wọn jẹ́ ₦6,245. A ó fi owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní VAT, kún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, náírà méje àti ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún ni owó yìí. A kì í gbà á lórí tòmátò àti ata, ṣùgbọ́n a ń gbà á lórí ọ̀rá.

Bí a bá fi ọwọ́ ṣírò ìlà kìíní, VAT rẹ̀ yóò jẹ́ ₦92.775, èyí ni náírà méjìléláàádọ́rùn-ún, kọ́bọ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin àti ààbọ̀. Kò sí ààbọ̀ kọ́bọ̀, nítorí náà a ó sọ ọ́ di odindi lókè: ₦92.78. Ẹ wo ohun tí JavaScript sọ:

```
1237 * 0.075               // 92.77499999999999
(1237 * 0.075).toFixed(2)  // "92.77"
```

Ẹ̀rọ kò rí ààbọ̀. Ohun tí ó rí kéré sí ààbọ̀ ní bíńtín, nítorí náà ó gé e dànù. Bákan náà ni ó ṣe fún ìlà kejì, ó kọ ₦173.92 dípò ₦173.93. Ó ṣe é fún ìlà kẹta pẹ̀lú, ó kọ ₦201.67 dípò ₦201.68.

Níbo ni bíńtín náà ti wá?

Kọ̀ǹpútà kò mọ ìdá mìíràn ju èyí tí a rí nígbà tí a bá ń pín nǹkan sí méjì méjì. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣu ṣe àpẹẹrẹ. Gé iṣu sí méjì, o rí ìdajì. Gé ìdajì sí méjì, o rí ìdá kan nínú mẹ́rin. Tún un gé, o rí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bí o bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí o sì ń to àwọn ègé náà pọ̀ bí ó ti wù ọ́, o kò ní rí ìdá kan nínú mẹ́wàá gan-an láé. O lè sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n o kò ní kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa pẹ̀lú kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán bí a bá ń kọ 0.333.

Òfin tí a fi ń kọ irú nọ́ńbà yìí sínú ẹ̀rọ jáde ní 1985, orúkọ rẹ̀ ni IEEE 754. Ó fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ipò 53 láti kọ ara rẹ̀ sí. Èyí tí kò bá gba ibẹ̀, a ó sọ ọ́ di nọ́ńbà tí ó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn tí ó gba ibẹ̀. Nítorí náà 0.075 tí a tẹ̀ kọ́ ni ó wà nínú ẹ̀rọ. 0.07499999999999999722 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ẹ̀bi JavaScript nìkan kọ́ ni èyí, nítorí ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé òfin kan náà. Ohun tí ó jẹ́ ti JavaScript ni pé, láti ìgbà tí ó ti jáde ní 1995, irú nọ́ńbà kan yìí ni ó fi ń ka odindi àti ìdá pọ̀.

Ìdáhùn mẹ́ta fún ìbéèrè kan

Bí a bá ro VAT ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ̀rọ kọ pọ̀, a ó rí ₦468.36. Ṣùgbọ́n ₦468.38 ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Ìdí ni pé ètò náà kò ro àwọn ìlà pọ̀. Orí ₦6,245 ni ó ti ṣírò ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èsì ìyẹn jẹ́ 468.375, ìdá 0.375 sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ, èyí tí ẹ̀rọ lè kọ gan-an láìṣẹ́kù. Nítorí náà, ó rí ààbọ̀ níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di odindi lókè. Kọ́bọ̀ méjì tí oníbàárà rí nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ṣírò ìlà kọ̀ọ̀kan bí ó ti yẹ, tí a sì rò wọ́n pọ̀, ₦468.39 ni a ó rí. Kọ́bọ̀ kan ṣì yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ rárá. Ohun tí ó fà á ni pé sísọ nǹkan di odindi lẹ́ẹ̀mẹta kò dọ́gba pẹ̀lú sísọ ọ́ di odindi lẹ́ẹ̀kan. Àrùn méjì ni ó wà nínú ìwé kan náà, oògùn wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan.

Àtúnṣe

Oògùn àrùn kìíní ni pé kí a má ṣe fi náírà ṣe ìṣirò, kọ́bọ̀ ni kí a fi ṣe é. Odindi ni kọ́bọ̀, ẹ̀rọ kì í sì ṣi odindi kà. A kò ní lo 0.075 mọ́. A ó fi 75 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì fi 1000 pín in:

```
const vat = k => Math.floor((k * 75 + 500) / 1000);
vat(123700)  // 9278
```

Èèdẹ́gbẹ̀ta tí a fi kún un ni ó ń gbé ààbọ̀ lọ sókè. Ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ ìwé jáde nìkan ni a ó dá àmì náírà padà. Ìṣọ́ra kan wà níbi tí iye owó ti ń wọlé. Nínú JavaScript, `19.99 * 100` jẹ́ 1998.9999999999998. Ẹni tí ó bá gé ìdá rẹ̀ dànù ti sọ kọ́bọ̀ kan nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. `Math.round` ni kí a lò níbẹ̀.

Odindi náà ní ààlà. Bí ó bá ti kọjá 9,007,199,254,740,991, ẹ̀rọ lè ṣì í kà. Nítorí pé a ń fi 75 sọ kọ́bọ̀ di púpọ̀, ìlà kan kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí tírílíọ̀nù kan àti díẹ̀ náírà. Kò sí ẹni tí yóò ra ọ̀rá tó bẹ́ẹ̀ ní Kétu.

Àrùn kejì kò ní oògùn nínú ẹ̀rọ. Ènìyàn ni yóò yan òfin kan. Bí VAT bá hàn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ àwọn ìlà wọ̀nyẹn gan-an ni kí ó wà ní ìsàlẹ̀, èyí ni ₦468.39. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ti hàn, kí a ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí àpapọ̀, èyí ni ₦468.38. Èyíkéyìí tí a bá yàn, a kò gbọdọ̀ lo méjèèjì nínú ìwé kan.

Ìkádìí

Bí a ó ṣe mọ irú àrùn tí ó ń ṣe ìwé kan kò le. Kí a fi ọwọ́ ṣírò ìlà kan ṣoṣo tí ó parí sí ààbọ̀ kọ́bọ̀. Bí ìlà náà fúnra rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, ìdá inú ẹ̀rọ ni ó fà á. Bí àwọn ìlà bá bá ti ọwọ́ mu, tí ó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀, òfin ìṣirò méjì ni ó wà nínú ètò náà. Kí a ṣe èyí kí a tó bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ibi tí kọ́bọ̀ wọlé sí.