Ta Ni Yóò Ṣe É, Ọjọ́ Wo Sì Ni?

Ojúewé mẹ́rin gbáko ni míníìtì ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, èmi akọ̀wé ni mo sì kọ ọ́. Mo kọ ẹni tó gbàdúrà, mo kọ ẹni tó pẹ́ dé, mo kọ gbogbo awuyewuye orí géètì tó wó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn kan ti san ₦10,000 fún àtúnṣe géètì, àwọn mìíràn san ₦5,000, kálukú sì ń fi ìwé tí mo kọ jẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. ₦10,000 wà ní ojúewé kejì, níbi tí ẹnì kan ti dá a lábàá. ₦5,000 wà ní ojúewé kẹta, òun ni ìpàdé sì fọwọ́ sí nígbẹ̀yìn. Ta ló fẹ́ ka míníìtì dé ojúewé kẹta?

Mo jókòó láti tún un kọ. Mo kọ́kọ́ kà á tán kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ohun tí ìpàdé bá sọ láàárọ̀, ó lè yí i padà kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìparí. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò pupa. Ibi tí mo bá ti rí “a fẹnu kò”, “a gbà” tàbí “a dìbò”, mo fàlà sí i nídìí. “Ó ní”, “ó dábàá”, “àwọn kan rò pé”, ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn, mo fi í sílẹ̀. Nínú ojúewé mẹ́rin, ibi méjì péré ni bírò pupa kàn.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀: “Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, a fẹnu kò pé kí a dá ₦5,000, kí ìgbìmọ̀ sì tètè bá wẹ́dà sọ̀rọ̀.”

Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò ṣeé ṣiṣẹ́ lé lórí. Ṣé onílé kọ̀ọ̀kan ni yóò san án ni, àbí ilé kọ̀ọ̀kan? Àwọn kan nílé méjì láàárín wa. Ẹni mẹ́jọ ló wà nínú ìgbìmọ̀, oníkálukú sì rò pé ẹnì kejì òun ti lọ bá wẹ́dà. “Tètè” kì í ṣe ọjọ́. Iṣẹ́ méjì ni mo sì so pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú “sì” kan ṣoṣo.

Mo padà sí ìwé pélébé tí mo fi gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ìpàdé, mo sì pe alága lórí fóònù kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó jáde nìyí:

Ìpinnu: Ilé kọ̀ọ̀kan yóò san ₦5,000 fún àtúnṣe géètì.
Ẹni tí yóò gba owó: Akápò.
Gbèdéke: Sátidé, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà.

Ìpinnu: A ó gba iye owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wẹ́dà.
Ẹni tí yóò lọ: Igbákejì alága.
Gbèdéke: Sátidé, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà.

Òkè pátápátá ni mo gbé e sí, ṣáájú orúkọ àwọn tó wá. Àríyànjiyàn wà nísàlẹ̀, mo gé e kúrú, àmọ́ mi ò yọ ìdí tí ₦10,000 fi wọ́lẹ̀ kúrò: àwọn òbí ní owó ilé-ìwé ti dé tán. Bí mo bá yọ ìyẹn, ẹnì kan á tún gbé ₦10,000 dìde lóṣù tó ń bọ̀.

Èyí tó fẹ́ dẹ mí wò ni gọ́tà. Ohun tí mo kọ ni pé “a gbà kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí gọ́tà.” Àwọn wo ni “wọ́n”? Mo wo ìwé pélébé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Alága náà kò rántí. Ó rọrùn kí n fi orúkọ ẹnì kan síbẹ̀, ayédèrú ni yóò sì jẹ́. Mo kọ ọ́ báyìí: “A kò yan ẹnì kankan. A kò dá ọjọ́.”

Ohun kan wà tó gbà mí láyè: ìpàdé kò tíì gba míníìtì náà wọlé. Èyí tí wọ́n bá ti gbà, tí alága ti buwọ́ lù, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ìwé ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kó àwọn ìpinnu rẹ̀ sí, kí ẹ kọ nọ́ńbà ojúewé tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì so ó mọ́ ọn. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, nínú ìpàdé tó kàn ni a ti ń tún un ṣe, a ó sì kọ àtúnṣe náà sínú míníìtì ọjọ́ yẹn.

Mo gbé èyí tí mo tún kọ fún bàbá kan tí kò wá sípàdé. Mo bi í pé: èló ni, ta ló ń gbà á, ọjọ́ wo ló parí? Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó fi dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nísinsìnyí, àwọn ìpinnu yẹn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ẹni tó niṣẹ́ á sọ pé ó parí, tàbí kó dá ọjọ́ mìíràn. A ó fàlà sórí ọjọ́ àtijọ́ láìpa á rẹ́, kí gbogbo ènìyàn lè rí iye ìgbà tó ti sún un. Géètì ti dúró. Akápò ti dá ₦5,000 padà fún àwọn tó san ₦10,000 lórí ilé kan. Ìpàdé mẹ́ta la ti ṣe látìgbà náà, kò sì tíì sí orúkọ ẹnikẹ́ni níwájú gọ́tà.