Ohùn Ta Ni Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Àròkọ Kírìjì Rẹ?

Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ogun Kírìjì, kì í pẹ́ tó fi máa ń mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti dákẹ́, tí ìwé ẹlòmíràn sì gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún àti orúkọ ló sábà máa ń tú àṣírí. Ní ìpínrọ̀ kìíní, ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1877; nígbà tó di ìpínrọ̀ kẹta, ó ti di 1878. Lókè, ogun parí ní 1886. Nísàlẹ̀, wọ́n fi ọdún 16 jà á. “Ilesha” wà níbì kan, “Ilesa” wà níbòmíràn. Ìwé méjì ló rán pọ̀, ojú ìránṣọ sì hàn gbangba.

Kò sí irọ́ nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn o. Àwọn òpìtàn kan ka ogun náà láti 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kọjú ìjà sí àwọn Ẹ̀gbá. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti 1878, nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, àmọ́ àwọn ọmọ ogun kò tú ká kúrò ní bùdó títí di 1893. Ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, kí ó sì sọ ohun tó rí tó fi mú un. Ẹni tó ń dà á kọ kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀.

Èyí tó le jù ni àdàkọ tó wọ aṣọ tuntun. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gbólóhùn yìí wà nínú ìwé kan: “Fábùnmi, ọmọ ọba akíkanjú, pa ajẹ́lẹ̀ aláìláàánú náà, báyìí ni ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀.” Akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ ọ́ pé: “Fábùnmi, ọmọ aládé tó láyà, gba ẹ̀mí aṣojú Ìbàdàn tó rorò, bí ìjà ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.” Ó pààrọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n egungun gbólóhùn náà kò yẹ̀: oríyìn ló ṣíwájú, èébú tẹ̀ lé e, ikú kan ṣoṣo sì di orísun ogun. Ta ló sọ fún un pé ajẹ́lẹ̀ náà rorò? Ìdájọ́ òǹkọ̀wé ló gbé mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Kí ó pa ìwé náà dé. Kí ó bi ara rẹ̀ pé, báwo ni ikú ẹnì kan ṣe di ogun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kí ó sọ ìdáhùn náà fún ẹnì kan bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ, kí ó tó mú bírò. Ohun tó máa kọ lè rí báyìí: “Ikú ajẹ́lẹ̀ kan kò tó dá irú ogun yìí sílẹ̀. Ọwọ́ líle àwọn ajẹ́lẹ̀ ti sú àwọn ará Èkìtì tipẹ́. Nígbà tí ìjà dé, ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ wọn tó wà l’Ékòó bá wọn wá kò jẹ́ kí Ìbàdàn borí.” Ohùn tirẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, inú ìwé ló ti rí ọ̀rọ̀ ìbọn, nítorí náà ó ṣì gbọ́dọ̀ dárúkọ ìwé náà àti ojú ewé tó ti kà á.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí ó wá àpólà tí kò lè ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje, kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú Google pẹ̀lú àmì àyọlò níbẹ̀rẹ̀ àti nípárí. Ẹ̀rọ tí àwọn yunifásítì ń lò, bíi Turnitin, tún wà. Mi ò ní kí a gba ìdá tó bá mú wá bí ìdájọ́. Ó lè kun orúkọ ìwé àti àyọlò tó tọ́, kí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún má sì léwu, nígbà tí ìdá 3 lè jẹ́ odindi ìpínrọ̀ tí a jí.

Ìtumọ̀ sì máa ń bọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, èdè Òyìnbó ló fi kọ ọ́. Ẹni tó yí ojú ewé kan nínú rẹ̀ sí Yorùbá lè rí ìdá òdo, olè ló ṣì jà. Johnson wà lára àwọn tó ru iṣẹ́ ìlàjà lọ bọ̀ nínú ogun náà, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, kí ó kọ kókó ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sí etí ewé. Bí kókó méjèèjì bá ń tẹ̀ lé ara wọn lọ ní ìkọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tún ìtò rẹ̀ ṣe láti orí ìbéèrè tirẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan.