Ṣé o mọ̀? Jẹ̀díjẹ̀dí lẹ́yìn ìbímọ

Ṣé o mọ̀ pé ṣúgà kọ́ ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí tó ń yọ ìyá ọlọ́mọ tuntun lẹ́nu? Ìwúwo oyún ló ń tẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí títí wọ́n á fi wú, agbára tí ìyá fi ti ọmọ jáde á sì mú un le sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un náà lè mú kí ìgbẹ́ rẹ̀ le.

Bí o bá fẹ́ yàgbẹ́, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí kékeré kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ. Tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí o máa mí jáde jẹ́jẹ́. Má ṣe dá èémí dúró. Bí kò bá wá, dìde, tún gbìyànjú nígbà mìíràn. Máa mu omi dáadáa, máa jẹ ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀wà.

Fún ìrora, jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí omi náà má gbóná jù: ó lè bó ìyá ọmọ lára. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ kò yẹ fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tàbí tí ibà bá dé, tètè lọ sí ilé ìwòsàn.