Jígí Búlúù-Kọ́ọ̀tì: Ṣé Ó Ń Gba Ojú Lọ́wọ́ Kọ̀ńpútà Lóòótọ́?

Tí ẹ bá yà sí ìsọ̀ oníjígí ní Èkó tàbí Ìbàdàn lónìí, tí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìdí kọ̀ńpútà ni iṣẹ́ yín wà, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan jígí tí wọ́n ń pè ní búlúù-kọ́ọ̀tì. Ọlọ́jà á fa tọ́ọ̀ṣì kékeré kan yọ, tí kò ju báírò lọ, á tan iná rẹ̀ sójú káàdì funfun pélébé kan. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú káàdì náà á yí padà. Á fi jígí lásán dí iná náà, káàdì á tún yí padà. Á wá fi búlúù-kọ́ọ̀tì dí i, káàdì ò ní mira. "Ẹ rí i báyìí? Ohun tó ń pa ojú yín lára nìyẹn." Oníbàárà á mi orí, á sì ki ọwọ́ bọ àpò.

Kò sí idán nínú ohun tí ọlọ́jà yìí ṣe. Jígí náà dí iná tọ́ọ̀ṣì yẹn lóòótọ́. Ohun tó yẹ ká bi í ni irú ìmọ́lẹ̀ tó dí. Nánómítà ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: àlùkò wà ní nǹkan bí 400, pupa sì wà ní nǹkan bí 700. Iná irú tọ́ọ̀ṣì yẹn sábà máa ń wà ní 405, ní ìbẹ̀rẹ̀ àlùkò gan-an. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ búlúù tó pọ̀ jù lójú kọ̀ńpútà àti fóònù ìwòyí wà ní àyíká 450. Púpọ̀ nínú àwọn jígí búlúù-kọ́ọ̀tì tó mọ́ gaara ló ń dí èyí tó wà nísàlẹ̀ 420 dáadáa, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú ti 450 kọjá. Tí a bá ro gbogbo ìmọ́lẹ̀ búlúù pọ̀, nǹkan bí ìdá 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni irú jígí bẹ́ẹ̀ ń dí.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ ṣí ojú ewé funfun lójú kọ̀ńpútà, kí ẹ fi jígí náà wò ó. Tí funfun náà bá ṣì funfun lójú yín, a jẹ́ pé búlúù inú rẹ̀ ṣì ń wọlé, nítorí funfun ojú kọ̀ńpútà kò lè wà láìsí búlúù. Jígí tó bá fẹ́ dí búlúù tán gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn, gbogbo ohun tí ẹni tó lò ó bá sì ń wò ni yóò yí àwọ̀ padà.

Tí a bá tiẹ̀ dí i tán ńkọ́?

Ẹnì kan lè sọ pé kí a kúkú wá èyí tó ń dí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti dán ìyẹn wò ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ojú kó ọ̀dọ́ 23 tí ojú wọn dá ṣáká jọ, wọ́n ní kí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ka ìwé lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Nígbà kan, wọ́n fi ohun tó ń dí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ búlúù bo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà kejì, wọ́n fi èyí tó kàn ń dín ìmọ́lẹ̀ gbogbo kù bò ó, kò ya búlúù sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn méjèèjì dọ́gba. Ohun tí ojú àwọn ọ̀dọ́ náà rí kò yàtọ̀. Ìgbà tí wọ́n dí búlúù tán, ojú rẹ̀ wọ́n bó ṣe rẹ̀ wọ́n nígbà tí wọn kò dí i.

Ìwádìí tó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ wáyé ní Yunifásítì Melbourne ní Ọsirélíà, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2021. Ọgọ́fà èèyàn tí ojú máa ń ni lára nídìí kọ̀ńpútà ni wọ́n pè. Wọ́n fún àwọn kan ní jígí búlúù-kọ́ọ̀tì, wọ́n fún àwọn yòókù ní jígí lásán, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó bọ́ sí òun lójú. Wọ́n tún ṣe ohun kan tó mú kí ìwádìí náà lárinrin: wọ́n ní kí oníṣègùn ojú yin irú jígí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, kí ó má sì yìn ín fún àwọn mìíràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣègùn lásán ló ń wo ojú sàn. Oníkálukú wá jókòó ti kọ̀ńpútà fún wákàtí méjì. Wọ́n bi wọ́n léèrè bí ojú ṣe ń ṣe wọ́n ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n tún fi iná tó ń ṣẹ́ jú wọn wò, láti mọ bí ìṣẹ́jú iná náà ṣe gbọ́dọ̀ yá tó kí ojú tó rí i bí iná tó dúró sójú kan, torí àárẹ̀ ojú máa ń hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, àwọn tó lo búlúù-kọ́ọ̀tì kò sàn ju àwọn tó lo jígí lásán lọ. Ìyìn oníṣègùn pẹ̀lú kò mú ìyàtọ̀ kankan wá.

Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó ìwádìí ìṣègùn jọ kí wọ́n sì tú u wò fínnífínní, gbé ìwádìí 17 láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà yẹ̀ wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí wọ́n já sí ni pé ó jọ pé jígí náà kì í dín ìnira ojú nídìí kọ̀ńpútà kù, ó kéré tán láàárín ìgbà kúkúrú. A ní láti fi ìgbà kúkúrú yẹn sọ́kàn, nítorí èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn ìwádìí náà kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ní ti oorun, èsì wọn kò ṣọ̀kan: àwọn kan ní ó ṣèrànwọ́, àwọn mìíràn ní kò ṣe nǹkan kan. Àwọn olùwádìí náà tún rán wa létí pé ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ojú ń gbà láti ara kọ̀ńpútà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún èyí tó ń gbà láti ara ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kó ọlọ́jà sí wàhálà rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń ṣọ́ ìpolówó ọjà dá Boots Opticians lẹ́bi lọ́dún 2015 nítorí ohun tí wọ́n sọ nípa jígí búlúù wọn nínú ìwé ìròyìn láìní ẹ̀rí tó tó. Lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ ojú níbẹ̀ bu ìtanràn 40,000 pọ́n-ùn lé wọn.

Kí ló wá ń rẹ ojú?

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ojú ń ni wá lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì tí jígí búlúù kò lè fọwọ́ kàn ló sábà máa ń fà á.

Àkọ́kọ́ ni pé a kì í ṣẹ́jú mọ́ tí a bá tẹjú mọ́ kọ̀ńpútà. Àwọn olùwádìí kan ní Japáànù kà á, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1993: èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ṣẹ́jú bí ìgbà 22 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá ń kàwé ó dín sí 10, tó bá dé ìdí kọ̀ńpútà ó di 7. Bẹ́ẹ̀ ìpéǹpéjú ló ń fi omi pa ojú. Lórí omi yìí, epo fẹ́lẹ́ kan wà tó léfòó bí epo ṣe ń léfòó lójú ọbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí omi náà tètè gbẹ. Tí a kò bá ṣẹ́jú, tàbí tí a ń ṣẹ́ ẹ ní àbọ̀ tí ìpéǹpéjú òkè kò kan ti ìsàlẹ̀, epo náà á ya, omi á gbẹ, ojú á máa ta bíi pé yanrìn wà níbẹ̀. Ti ẹlòmíràn á tún máa ṣomi, torí ojú tó gbẹ máa ń sunkún láti gba ara rẹ̀ là. Ẹni tí atẹ́gùn ẹ́síì tàbí fáànù ń fẹ́ tààrà sójú ni tirẹ̀ burú jù.

Ìkejì ni nọ́ńbà jígí tí kò bá ibi tí kọ̀ńpútà wà mu. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ṣe ìṣirò owó ní ọ́fíìsì, tó jẹ́ ọmọ ọdún 47. Ó ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ti di ogun, ó sì ra jígí ìkàwé +2.00. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi 2 pín 100, ẹ ó rí 50. Ìyẹn ni pé tí jígí yẹn bá wà lójú rẹ̀, ohun tó bá kọjá 50 sẹ̀ǹtímítà kò lè dá ṣáká mọ́. Kọ̀ńpútà rẹ̀ sì rèé ní 65. Kí ni màmá yìí ń ṣe látàárọ̀? Ó ń na ọrùn síwájú kí ojú rẹ̀ lè bá a. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ọrùn ń ro ó, iwájú orí ń fọ́ ọ, ó ní ìmọ́lẹ̀ kọ̀ńpútà ni. Tí wọ́n bá fi búlúù-kọ́ọ̀tì kún +2.00 kan náà, 50 náà ni yóò máa jẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fún un ní +1.50 fún ìdí kọ̀ńpútà, 100 tí a fi 1.5 pín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 67, kọ̀ńpútà náà á sì mọ́ láìjẹ́ pé ó na ọrùn. Agbára tó ṣẹ́ kù nínú ojú rẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ láti ka ìwé tó wà lórí tábìlì.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ èyí tó ń dà yín láàmú nínú méjèèjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ńpútà bá ń ṣú, ẹ ṣẹ́jú dáadáa bí ìgbà mẹ́ta. Tó bá mọ́, tó tún ṣú lẹ́yìn díẹ̀, gbígbẹ ojú ni. Ẹ yí fáànù kúrò, ẹ sọ ojú kọ̀ńpútà kalẹ̀ díẹ̀ kó má ga ju ojú yín lọ, kí ẹ sì máa gbójú sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wo ọ̀nà jíjìn, kí ẹ sì máa ṣẹ́jú tán. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá sún orí síwájú tàbí sẹ́yìn nìkan ló ń mọ́, nọ́ńbà jígí ni. Èyí tó bá ń dunni gan-an, tàbí tí ojú ń pọ́n, tàbí tí ìríran ń dín kù, ilé ìwòsàn ni ọ̀nà rẹ̀.

Ṣé gbogbo àwọn tó ní búlúù-kọ́ọ̀tì ran àwọn lọ́wọ́ ń purọ́ ni? Rárá. Púpọ̀ wọn ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n lọ rà á náà ni wọ́n yẹ ojú wọn wò lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, tí wọ́n gba nọ́ńbà tuntun, tí jígí náà sì ní ohun tí kì í jẹ́ kí iná ọ́fíìsì máa kọ mànà lójú rẹ̀. Nọ́ńbà ló ṣiṣẹ́, búlúù ló gba ìyìn.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó síṣẹ́, kí ẹnì kan fi téèpù wọn àlàfo láti ojú yín dé ojú kọ̀ńpútà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fún un, kí ẹ ní ibẹ̀ ni kó yẹ ojú yín wò sí. Tí wọ́n bá wá ní kí ẹ san owó kún un fún búlúù-kọ́ọ̀tì, ẹ lè fi owó yín sápò.