Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Títún Nóòtì Ìfiṣẹ́lélẹ̀ Kọ

Nóòtì tí nọ́ọ̀sì ọ̀sán fi sílẹ̀ fún ti alẹ́ lè rí báyìí: “Ìyá bẹ́ẹ̀dì 6 bímọ nípa iṣẹ́ abẹ láàárọ̀, ó mu tíì, ọmọ ń mu ọyàn, ìfúnpá 90/60, ó ti pààrọ̀ páàdì.” Ewu wà níbẹ̀, àmọ́ tíì ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ tún un pín sí mẹ́rin, kí ẹ sì fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un:

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀: Ẹ̀jẹ̀ ìyá bẹ́ẹ̀dì 6 ti rin páàdì méjì láàárín wákàtí kan. Ìfúnpá 90/60, ọkàn ń lù ní 118 ní ìṣẹ́jú kan.

Ìtàn ẹ̀yìn: Iṣẹ́ abẹ láago 9 àárọ̀. Ìfúnpá jẹ́ 120/75 láago 2 ọ̀sán.

Ohun tí mo rò: Ilé-ọmọ rọ̀, kò tíì sún kì. Mo fura sí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe: Mo ti pe dókítà, mo sì ń fọwọ́ ra ilé-ọmọ. Ẹ wọn ìfúnpá ní ìṣẹ́jú 15-15.

Àwọn nọ́ọ̀sì kan máa ń fo apá kẹta, torí wọ́n gbà pé dókítà nìkan ló lè dárúkọ àìsàn. “Mo fura” kò gba iṣẹ́ dókítà. Ẹ kọ ọ́. Bí apá kẹrin bá sì jẹ́ “ẹ máa ṣọ́ ọ” lásán, kò tíì pé: ẹ kọ ẹni tí yóò ṣe é àti àkókò rẹ̀.